Ìròyìn Olùkọ́ Lórí Ìjà Akẹ́kọ̀ọ́ Méjì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Olùkọ́ àti Òbí

Kí ni ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ wà fún gan-an?

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá jà ní ọgbà ilé-ìwé, olùkọ́ tí ó wà nítòsí ni ó máa ń kọ ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀. Ìwé náà yóò sọ ibi tí ìjà ti wáyé àti àkókò rẹ̀, ohun tí olùkọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí, ohun tí àwọn mìíràn sọ fún un, ìpalára tí ó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ilé-ìwé ṣe lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ìwé ìdájọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé tàbí ìgbìmọ̀ ìbáwí ni yóò dá ẹjọ́, ìròyìn yìí yóò sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọn yóò gbé yẹ̀ wò.

Ohun tí ó mú kí kíkọ rẹ̀ ṣòro ni pé ìwé kan ṣoṣo ni òbí méjì yóò kà, ọkàn àwọn méjèèjì kò sì ní balẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Bí òbí kan bá rí i pé olùkọ́ ti dá ọmọ òun lẹ́bi nínú gbólóhùn kejì, kò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́, títí kan èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń gba àwọn olùkọ́ níyànjú pé kí wọ́n ka ìròyìn wọn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n kọ́kọ́ kà á bí ẹni pé àwọn ni ìyá ọmọ kan, kí wọ́n sì tún un kà bí ẹni pé àwọn ni ìyá ọmọ kejì. Gbólóhùn tí ó bá gún ọ̀kan nínú wọn lára ju bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti rí lọ, ó yẹ kí a tún un kọ.

Ṣé ojú ẹsẹ̀ ni kí olùkọ́ kọ ọ́?

Rárá o. Kí a kọ́kọ́ là wọ́n, kí a mú wọn kúrò níwájú ara wọn àti níwájú àwọn òǹwòran, kí a tọ́jú ẹni tí ó bá fara pa, kí a sì pe òbí wọn. Bí olùkọ́ bá ti ráyè díẹ̀, kí ó kọ aago àti orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ sórí bébà kékeré kan kí ó má baà gbàgbé. Ìròyìn gan-an gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ náà kí olùkọ́ tó lọ sílé. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ohun tí ó rí yóò ti dàpọ̀ mọ́ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ní yàrá olùkọ́, kò sì ní mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì mọ́.

Báwo ni a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ náà?

Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, èyí tí ẹnu rẹ̀ yá jù ni yóò sọ ìtàn náà, èkejì yóò sì kàn máa sunkún tàbí kí ó dákẹ́. Kí a dúró kí èémí ọmọ kọ̀ọ̀kan balẹ̀, kí a fún un ní omi, kí a tó bi í ní ohunkóhun.

Ìbéèrè tí a bá fi bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì. “Kí ló dé tí o fi lù ú?” ti dá ẹjọ́ tán kí ọmọ tó ya ẹnu. Èyí tí ó dára ni: “Sọ fún mi, láti ìgbà tí agogo ìsinmi ti lù, kí ló ṣẹlẹ̀?” Kí a jẹ́ kí ó sọ ọ́ títí yóò fi parí, kí a tó wá bi í pé, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?” tàbí “Níbo ni o dúró sí nígbà náà?” Èdè tí ọmọ bá fi sọ̀rọ̀ ni kí a fi kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà ṣe Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, nítorí bí olùkọ́ bá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kí ó lè dùn-ún kà, ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni ó di, kì í ṣe ti ọmọ mọ́.

Ní ti ẹlẹ́rìí, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n dúró nítòsí ti tó. Kí a má ṣe dúró níwájú kíláàsì kí a béèrè pé ta ni ó rí wọn, nítorí gbogbo ọmọ ni yóò nawọ́, ìtàn kan náà ni wọn yóò sì máa tún sọ. Kí a sì rí i pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹlẹ́rìí náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn wá.

Mo gbé èyí kalẹ̀ fún ìkọ́ni ni, kì í ṣe ìròyìn nípa ọmọ kankan ní pàtó. Bí ìjà ṣe sábà máa ń rí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo tẹ̀lé.

> Ìròyìn Ìṣẹ̀lẹ̀
>
> Ọjọ́ àti àkókò: Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ kẹfà sáà kejì, nǹkan bí aago 10:40 òwúrọ̀, ní àkókò ìsinmi.
>
> Ibi: Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi tí ó wà lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Pírámárì 5.
>
> Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn: Akẹ́kọ̀ọ́ A àti Akẹ́kọ̀ọ́ B. Ọmọ Pírámárì 5 ni àwọn méjèèjì. Bí lẹ́tà orúkọ ìdílé wọn ṣe tẹ̀ léra ni a fi pín A àti B, kò ní ìtumọ̀ mìíràn.
>
> Ohun tí mo rí: Èmi ni iṣẹ́ ìṣọ́ kàn ní ọgbà ní ọjọ́ náà. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá Pírámárì 4 nígbà tí mo gbọ́ ariwo láti ìhà ẹ̀rọ omi. Nígbà tí mo yíjú síbẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ A wà ní kọ́là aṣọ Akẹ́kọ̀ọ́ B. Akẹ́kọ̀ọ́ B fi ẹ̀ṣẹ́ gbá Akẹ́kọ̀ọ́ A ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lẹ́ẹ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ A ti Akẹ́kọ̀ọ́ B pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, Akẹ́kọ̀ọ́ B sì ṣubú sórí sìmẹ́ńtì. Mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà náà, mo sì dúró sí àárín wọn. Olùkọ́ Pírámárì 5 wá ràn mí lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì dáwọ́ dúró nígbà tí a sọ fún wọn pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. N kò rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ariwo náà tó sọ.
>
> Ohun tí wọ́n sọ fún mi: Akẹ́kọ̀ọ́ A sọ pé òun ti wà lórí ìlà láti pọn omi, pé Akẹ́kọ̀ọ́ B fa òun kúrò lórí ìlà. Akẹ́kọ̀ọ́ B sọ pé òun ni ó kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ, pé Akẹ́kọ̀ọ́ A sọ ọ̀rọ̀ èébú kan tí ó kan òbí òun. Akẹ́kọ̀ọ́ A sọ pé òun kò sọ ọ̀rọ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì mìíràn tí wọ́n wà lórí ìlà sọ pé àwọn gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń jiyàn lórí ẹni tí ó kan. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ èébú, ṣùgbọ́n òun kò mọ ẹni tí ó sọ ọ́.
>
> Ìpalára àti ìtọ́jú: Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Akẹ́kọ̀ọ́ A pọ́n, ó sì wú díẹ̀. A fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù lé e. Awọ ìgúnpá ọ̀tún Akẹ́kọ̀ọ́ B bó, ó sì ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. A fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, a sì dì í. A bi Akẹ́kọ̀ọ́ B léèrè bóyá orí rẹ̀ kan ilẹ̀ nígbà tí ó ṣubú, ó sì sọ pé kò kan ilẹ̀. N kò rí i kí orí rẹ̀ kan ilẹ̀.
>
> Ohun tí ilé-ìwé ṣe: A pe òbí Akẹ́kọ̀ọ́ A ní aago 11:05, a sì pe òbí Akẹ́kọ̀ọ́ B ní aago 11:10. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jókòó ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú olùkọ́ títí di ìparí ìsinmi, lẹ́yìn náà wọ́n padà sí kíláàsì, ní àga tí ó jìnnà sí ara wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé yóò pàdé òbí kọ̀ọ̀kan ní Ọjọ́bọ̀.
>
> Ohun tí a kò tíì mọ̀: Ẹni tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹnìkejì, àti ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ èébú náà.

Olùkọ́ yóò fọwọ́ sí i, yóò kọ ọjọ́ àti aago tí ó parí rẹ̀, yóò sì fà á lé ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́.

Kí ló dé tí ìròyìn náà kò sọ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjà? Ohun tí èmi òbí fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

Nítorí pé olùkọ́ náà kò rí i. Nígbà tí ó yíjú, ọwọ́ A ti wà ní kọ́là B. Ẹni tí ó bá wo ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ lójú olùkọ́ lè sọ pé A ni ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ẹni tí ó kọ́kọ́ gbá ẹnìkejì lè sọ pé B ni. Ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ A gbọ́ yóò sọ pé fífà tí B fà á kúrò lórí ìlà ni ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gba ti B gbọ́ yóò sọ pé èébú ni. Gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló wà nínú ìwé náà, kò sì sí èyí tí olùkọ́ lè fi ẹ̀rí ara rẹ̀ gbè lẹ́sẹ̀.

Gbólóhùn tí ó sọ pé “N kò rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ariwo náà tó sọ” ni mo kà sí gbólóhùn tí ó níye lórí jù nínú gbogbo ìròyìn náà. Àwọn olùkọ́ kan máa ń yọ ọ́ kúrò nítorí wọ́n rò pé yóò dà bí ẹni pé àwọn kò ṣiṣẹ́ ìṣọ́ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ń jẹ́ kí òbí gba ìyókù gbọ́, nítorí ẹni tí ó bá sọ ibi tí ojú òun kò tó, a óò gbà á gbọ́ lórí ibi tí ó sọ pé ojú òun tó.

Irú ọ̀rọ̀ wo ni ó ń ba ìròyìn jẹ́ láìjẹ́ pé olùkọ́ mọ̀?

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ. “Ó mọ̀ọ́mọ̀ tì í,” “inú ló ń bí i tẹ́lẹ̀,” “ó fẹ́ gbẹ̀san.” Olùkọ́ kò rí ọkàn, ọwọ́ ló rí. Bí ọmọ bá fúnra rẹ̀ sọ pé inú ń bí òun, kí a kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èkejì ni ìtàn àtẹ̀yìnwá: “gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀,” “kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí.” Bí ọmọ bá ti jà tẹ́lẹ̀, ìròyìn ti ìjà yẹn wà nínú fáìlì tirẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kò yẹ kí òbí ọmọ kejì kà á níbí. Bákan náà ni ìyìn: bí a bá kọ pé A jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, a ti dá B lẹ́bi láìdárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá. Bí ẹni méjì bá wà nínú ìtàn, “ó” àti “ú” kì í jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó ṣe kí ni. “Ó dì í ní kọ́là mú, ó sì gbá a, ó wá tì í” lè túmọ̀ sí pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àpẹẹrẹ òkè yẹn fi ń tún “Akẹ́kọ̀ọ́ A” àti “Akẹ́kọ̀ọ́ B” sọ títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú ni. Kí ó sú ni sàn ju kí òbí ṣì í lóye.

Kí a sì ṣọ́ra fún “ó lù ú.” Ẹ̀ẹ̀kan ni àbí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá? Ẹ̀ṣẹ́ ni àbí àtẹ́lẹwọ́? Kí a kọ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, ibi tí ó bà, àti iye ìgbà tí a rí i, kí a má sì lo “ìyà burúkú” tàbí “àlùbami.”

Bí ọmọ kan bá ní èkejì bú ìyá òun, ṣé kí olùkọ́ kọ èébú náà gan-an?

Mo ti rí i tí èyí dá ìjà tuntun sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà, nítorí náà n óò fara balẹ̀ sọ ọ́. Ní ilẹ̀ wa, èébú tí ó kan ìyá tàbí bàbá ni ó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìjà ọmọdé. Ọmọ tí wọ́n fà kúrò lórí ìlà lè gbójú fò ó, ṣùgbọ́n kò ní gbójú fo ohun tí wọ́n bá sọ nípa ìyá rẹ̀. Ilé-ìwé nílò ọ̀rọ̀ náà bí ó ti jáde lẹ́nu, nítorí pé “ó bú mi” lè jẹ́ ohun kékeré, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà, àìsàn tàbí ikú òbí ọmọ náà, èyí tí ó wúwo púpọ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an sórí ìwé ọ̀tọ̀ fún fáìlì ilé-ìwé. Nínú ẹ̀dà tí òbí yóò gbà, “ọ̀rọ̀ èébú kan tí ó kan òbí” ti tó. Bí a bá kọ èébú náà sínú ẹ̀dà òbí, ilé-ìwé ni ó gbé e dé iwájú ẹni tí wọ́n bú, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí. Bí òbí bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀gá ilé-ìwé lè sọ ọ́ fún un lójúkojú, kí ó sì fi kún un pé ọmọ kejì sọ pé òun kò sọ ọ́.

Kí ló dé tí orúkọ ọmọ kejì kò fi sí níbẹ̀? Ọmọ mi ti sọ ọ́ fún mi nílé.

Òótọ́ ni pé ọmọ yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ sọ nílé yàtọ̀ sí ìwé tí ilé-ìwé fọwọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni lè yà ní fọ́tò kí ó sì fi ránṣẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2007, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀. Òfin tí ó dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, tí ó jáde ní ọdún 2023, sì kan àkọsílẹ̀ ilé-ìwé pẹ̀lú.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí ìròyìn kan náà, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, lọ sọ́dọ̀ òbí méjèèjì, kí lẹ́tà kékeré tí ó bá a lọ sì sọ fún òbí kọ̀ọ̀kan bóyá A ni ọmọ tirẹ̀ àbí B. Bí wọ́n bá fi ẹ̀dà wọn wé ara wọn lọ́jọ́ kan, wọn kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ohun tí ó jẹ́ ti ìlera ọmọ, bí ikọ́ fée tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, kódà bí ó bá ṣàlàyé ìdí tí a fi tọ́jú ọmọ kan ju èkejì lọ.

Kí a má ṣe fi ìròyìn yìí sórí àwùjọ Wasáàpù ti kíláàsì. Kí a fi í sínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, kí òbí fọwọ́ sí i pé òun gbà á.

Báwo ni a ṣe ń kọ ìpalára?

Kí a kọ ohun tí a rí, kì í ṣe orúkọ àìsàn. “Ó wú, ó sì pọ́n” ni olùkọ́ lè sọ, kì í ṣe “egungun rẹ̀ kò ní nǹkan kan.” Kí a sọ apá ibi tí ó wà, ọ̀tún tàbí òsì. Bí eyín ọmọ kan bá gé awọ ọmọ kejì, kí a kọ ọ́ kedere, kí a fi omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà, kí a sì sọ fún òbí pé kí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nítorí ẹnu ènìyàn ní kòkòrò púpọ̀, dókítà yóò sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Orí ni a kò gbọdọ̀ fojú kékeré wò. Bí orí bá kan ilẹ̀ tàbí ògiri, tàbí tí a kò mọ̀ bóyá ó kàn án, kí ìwé náà sọ ọ́, kí a sì pe òbí lójú ẹsẹ̀. Kí a kọ fún un pé kí ó máa wo ọmọ náà fún wákàtí 24 sí 48. Bí ọmọ bá ń bì léraléra, tí oorun àìrí-bẹ́ẹ̀-rí ń kùn ún tí ó sì ṣòro láti jí, tí orí fífọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ láìdúró di ilẹ̀ mọ́.

Ṣé kí ìjìyà wà nínú ìròyìn náà?

Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé-ìwé ṣe láti dáàbò bo àwọn ọmọ ní ọjọ́ náà ni ó wà níbẹ̀. Ìbáwí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín ilé-ìwé àti òbí tirẹ̀, inú lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni yóò sì wà.

Bí òbí bá sọ pé ìròyìn náà kò tọ́ ńkọ́?

A kì í pa ohunkóhun rẹ́, a kì í sì kọ tuntun rọ́pò ti àkọ́kọ́. Bí àṣìṣe bá wà lóòótọ́, bí àpẹẹrẹ tí a kọ ìgúnpá òsì dípò ọ̀tún, kí olùkọ́ fa ìlà kan já a kí a ṣì lè kà á, kí ó kọ èyí tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ àti ìbuwọ́lù rẹ̀ sí i. A óò tún fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí òbí méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé òbí rò pé ọ̀rọ̀ rí bákan mìíràn ni, kí ó kọ èrò tirẹ̀ sórí ìwé, a óò sì so ó mọ́ ẹ̀dà tí ó wà ní fáìlì. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbà kí òbí kankan, bí ó ti wù kí ó lágbára tó nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, mú kí ó yí ohun tí ó rí padà.

Ìgbà wo ni irú ìròyìn yìí kò tó?

Bí ohun ìjà bá wọ̀ ọ́, bí ọ̀pọ̀ ọmọ bá dojú kọ ẹnì kan, bí ẹ̀sùn ìfọwọ́kàn tí kò tọ́ bá jẹ yọ, tàbí bí ó bá hàn pé ọmọ kan ti ń fòòró èkejì fún ìgbà pípẹ́, kì í ṣe ìjà akẹ́kọ̀ọ́ méjì lásán mọ́. Kí olùkọ́ dá ìbéèrè dúró níbẹ̀, kí ó kọ ohun tí ó ti gbọ́ sílẹ̀ bí ọmọ ṣe sọ ọ́, kí ó sì fà á lé ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ kí òun náà lè pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ààbò ọmọdé. Bákan náà ni bí olùkọ́ bá rí àpá àtijọ́ lára ọmọ nígbà tí ó ń tọ́jú rẹ̀, tàbí tí ọmọ bá sọ pé òun ń bẹ̀rù ohun tí wọn yóò ṣe fún òun nílé nígbà tí wọ́n bá gba ìwé náà. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ni yóò pinnu ìgbà tí ẹ̀dà yóò lọ sílé àti ọwọ́ ẹni tí yóò bọ́ sí, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ni a óò fi rán.